Fláyà ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan: ibi tí fọ́tò, ìwọ̀n ilẹ̀ àti nọ́mbà fóònù yẹ kó wà

Ìbéèrè márùn-ún ló máa ń wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, bákan náà ni wọ́n sì sábà máa ń tò tẹ̀ léra: níbo ni ilẹ̀ náà wà, báwo ló ṣe tóbi tó, ìwé wo ló wà lọ́wọ́, èló ni wọ́n ń tà á, ta ni kí n pè. Fláyà tó bá dáhùn wọn ní títò yìí ni ènìyàn á kà dé ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pín ní ìkóríta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé àwòrán ilé alájà méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ sókè, wọ́n á kọ "Ilẹ̀ ń bẹ fún títà" gàdàgbà, ìwọ̀n ilẹ̀ á wà ní kọ́lọ́fín kan, tàbí kó má tilẹ̀ sí rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú pulọ́ọ̀tì kan ní Mówe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ká tò fláyà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé A5 la máa lò, èyí tó jẹ́ ìdajì A4: mílímítà 148 ní ìbú, 210 ní gígùn. Ó gba fọ́tò mẹ́ta dáadáa, ó sì rọrùn láti mú lọ́wọ́.

Fọ́tò ló yẹ ká kọ́kọ́ mú jáde, nítorí òun ló ń sọ iye àyè tó kù fún ọ̀rọ̀. Ìṣòro fọ́tò ilẹ̀ òfìfo ni pé ojú kì í rí ohun tó lè fi wọ̀n ọ́n. Koríko ni níwájú, koríko ni lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá pulọ́ọ̀tì kan ni tàbí mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ro koríko rẹ̀ kúrò, kí ẹ ri igi mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí òkúta ààlà wà, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹ dúró sí igun kan, kí ẹ kọjú kámẹ́rà sí igun tó dojú kọ ọ́ ní ọ̀ọ́kán, kí ẹni kan sì dúró síbi igi tó jìnnà jù. Gíga ènìyàn náà ni olùwòran á fi mọ bí ilẹ̀ náà ṣe gùn tó. Ẹ yà á láàárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì gbé fóònù ní ìbú. Bí oòrùn bá wà lókè orí gan-an, gbogbo nǹkan á funfun, òkìtì àti kòtò inú ilẹ̀ náà kò ní hàn.

Fọ́tò kejì ni ti ojú ọ̀nà tó wọ ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń rà á kì í wo ẹwà rẹ̀. Gọ́tà ló ń wò, òpó iná ló ń wò, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá tírélà tó kó búlọ́ọ̀kù lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìyẹn hàn nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ya fọ́tò, tí ẹ sì mọ̀ pé omi máa ń dúró níbẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹ má fi fọ́tò ẹ̀ẹ̀rùn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá wò ó lásìkò òjò á padà sílé pẹ̀lú ìbínú, á sì sọ fún ẹlòmíràn.

Fọ́tò kẹta ni ti òkúta ààlà kan tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Ó fi hàn pé wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà ní tòótọ́. Ẹ yà á súnmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́mbà ara rẹ̀ hàn. Bákan náà, ẹ má fi àwòrán ìwé súfè tí awọnlẹ̀ ṣe tàbí ìwé mìíràn kankan sí ara fláyà. Oníjìbìtì á gé e jáde, á fi ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn lórúkọ yín. Ẹni tó bá ti wá wo ilẹ̀, tó sì ṣe tán láti tẹ̀ síwájú, ni kí ẹ fún ní ẹ̀dà rẹ̀, kí awọnlẹ̀ tirẹ̀ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ kan nípa bí fọ́tò ṣe ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ẹni tó wà ní Mówe bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, WhatsApp á fún un kéré kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to fláyà. Lójú fóònù, ẹ ò ní mọ̀. Lórí ìwé, ó máa rí ràkọ̀ràkọ̀. Kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, yóò dé bó ṣe wà gan-an. Fọ́tò tó máa gba gbogbo ìbú A5 nílò bíi píksẹ́lì 1,800 ní ìbú kí ó tó mọ́ lójú ìwé.

Wàyí o, ẹ ṣí ojú ewé nínú CorelDRAW tàbí irú ẹ̀rọ tí ẹ bá ń lò. Ẹ fi mílímítà 3 kún etí kọ̀ọ̀kan, kí ojú ewé di 154 sí 216. Àfikún yẹn ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgéwèé máa gé dànù. Àwọn atẹ̀wé kì í gé bébà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkìtì bébà ni wọ́n ń gé lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń yẹ̀ díẹ̀. Bí àwọ̀ yín bá parí síbi etí gẹ́lẹ́, ìlà funfun tín-ín-rín á hàn lára àwọn kan. Ọ̀rọ̀ àti nọ́mbà ní tiwọn gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí ní mílímítà 8, kó má baà di pé ọ̀bẹ gé nọ́mbà ìparí fóònù yín lọ.

Fọ́tò ńlá ló gba òkè, láti etí dé etí, títí dé mílímítà 85. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àkọlé wà, mílímítà 25 tó fún un. Àkọlé kì í ṣe "Àǹfààní ńlá". Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ni: "Pulọ́ọ̀tì kan ní Mówe, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120". Lẹ́tà tó tó pọ́ìntì 28 dára. Lẹ́yìn èyí, mílímítà 55 ló wà fún kókó ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ lápá òsì ní ìbú 80, fọ́tò kékeré méjèèjì lápá ọ̀tún, ọ̀kan lórí èkejì, ní ìbú 48. Mílímítà 45 tó kù nísàlẹ̀ ni ti ẹni tí wọ́n máa pè.

Àwọn kókó ọ̀rọ̀ ni ibi tí fláyà ti máa ń purọ́ láìmọ̀. Ẹ wo "pulọ́ọ̀tì kan". Ní ibòmíràn, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni, èyí tó jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Awọnlẹ̀ mìíràn á gé e sí mítà 18 sí 36, ó di 648. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì, bíi 465 péré. Ìyàtọ̀ àárín èyí tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù lé ní 200, àyè tí ènìyàn lè kọ́ ilé mìíràn sí. Nítorí náà, ẹ má kọ "pulọ́ọ̀tì kan" láìfi ìwọ̀n sí i, kí ẹ sì da iye mítà onígun mẹ́rin kọ láti inú ìwé súfè gan-an. Ẹ má fi orí ṣírò rẹ̀.

Lórí ìwé ilẹ̀, gbólóhùn tó burú jù ni "Sí-ọ́f-Ó ń bọ̀ lọ́nà". Kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tó wà lọ́wọ́ lónìí: "Ìwé súfè tí a ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àti rìsíìtì ẹbí". Bí Sí-ọ́f-Ó bá wà, ẹ sọ bóyá ti pulọ́ọ̀tì náà nìkan ni, tàbí ti gbogbo ilẹ̀ ẹ̀sítéètì tí wọ́n gé pulọ́ọ̀tì náà nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ilẹ̀ tó ní Sí-ọ́f-Ó ò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i, owó ni ìyẹn náà sì máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ iye owó. Èmi ò fara mọ́ "ẹ pè fún iye rẹ̀": àwọn tí agbára wọn kò ká a ló máa pọ̀ jù nínú àwọn tó máa pè. Ẹ sì fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ pé owó àjẹ́ńtì, owó lọ́yà tàbí owó súfè wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kìlómítà ni kí ẹ fi sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má kọ "ìṣẹ́jú márùn-ún", nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀kadà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kọ́ ni ti mọ́tò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yìn fláyà láyè fún máàpù kékeré tí ẹ fọwọ́ yà: ọ̀nà márosẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa yà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé epo tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àmì ilẹ̀ yín.

Tó bá kan apá ìsàlẹ̀, orúkọ ẹnì kan, ipò rẹ̀, nọ́mbà méjì ó pọ̀ jù. Ipò yẹn ṣe pàtàkì: ṣé onílẹ̀ ni, ṣé àjẹ́ńtì ni, ṣé lọ́yà ẹbí ni? Ẹni tó ń rà á ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́mbà ní ìpín mẹ́ta, bíi 0800 000 0000, ní lẹ́tà tó tó pọ́ìntì 20, nítorí mọ́kànlá tó so pọ̀ máa ń da ojú rú nígbà tí ènìyàn bá ń tẹ̀ ẹ́. Líǹkì WhatsApp kì í gba òdo àkọ́kọ́, kì í sì í gba àmì àròpọ̀:

```
https://wa.me/2348000000000
```

Bí ẹ bá sọ ọ́ di àmì onígun tí fóònù ń kà, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 2 ó kéré tán, kí ó jẹ́ dúdú lórí funfun, kí àyè funfun sì yí i ká. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sórí fọ́tò koríko kì í sábà ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ ẹyọ kan jáde, kí ẹ fi fóònù méjì dán an wò kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún. Ẹ má kọ nọ́mbà àkáǹtì báǹkì síbẹ̀ láé: ẹnikẹ́ni lè pa á rẹ́ lórí fóònù, kó fi tirẹ̀ dípò.

Ẹ yẹ àmì ohùn wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà olówó iyebíye ni kò ní ṣ, tàbí ẹ àti ọ tó ní àmì lórí, wọ́n á sì tẹ àpótí òfìfo dípò wọn. Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans ní gbogbo rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹ tó gbé PDF lọ fún àwọn atẹ̀wé, ní Ṣómolú tàbí ibòmíràn, ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ sí CMYK, àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, kí ẹ sì sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán ìlà, torí kọ̀ǹpútà tiwọn lè má ní lẹ́tà tí ẹ lò.

Ohun tó kù ni déètì. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí igun ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Fláyà ilẹ̀ máa ń rìn láti fóònù dé fóònù fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ilẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa fi iye owó àtijọ́ pè yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á, ẹ tẹ "A TI TÀ Á" lé fọ́tò náà lórí, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ fi fláyà náà sí.