Ológbò ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì àti oyún oṣù mẹ́rin

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Mo ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́bàá ọjà Ìgbọ̀nà níbí ní Òṣogbo, ológbò kan ló sì ń bá mi lé èkúté ní ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e sọnù kíákíá, pé nọ́ọ̀sì kan sọ fún àwọn pé ológbò máa ń ba ọmọ inú jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé e lọ ibì kankan. Tọkisopilasimósíìsì ni orúkọ àrùn tí nọ́ọ̀sì ní lọ́kàn. Kòkòrò kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, Tọkisopilásímà, ló ń fà á. Ó lè wọ ara ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ, èkúté àti ènìyàn, ṣùgbọ́n inú ìfun ológbò àti àwọn ẹranko ìdílé rẹ̀ nìkan ló ti lè yé ẹyin. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀bi fi ń bọ́ sí ológbò lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ nínú rẹ̀. Ológbò máa ń kó kòkòrò yìí nígbà tó bá pa èkúté tàbí ẹyẹ tó ní in lára jẹ, tàbí tí ẹnì kan bá fún un ní ẹran tútù. Láàárín ọjọ́ 3 sí 10 lẹ́yìn náà, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n sì lè tó àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Kò ní í ju ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 lọ tó fi máa dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ológbò ti dá kòkòrò náà mọ̀, kì í sì í sábà yà á sílẹ̀ mọ́ títí tó fi máa kú, àfi bí àìsàn líle bá sọ ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ.

Ẹ wá wo ológbò yín. Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń pa èkúté nínú ṣọ́ọ̀bù. Bó bá máa kó o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tó ṣì kéré, tó ń kọ́ ọdẹ, ló kó o, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn sì ti kọjá tipẹ́. Ọmọ ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa èkúté àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju àgbà ológbò lọ. Àwọn kan máa ń gbé ológbò wá bá mi pé kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí èsì bá sì ní ó ti ní kòkòrò náà rí, wọ́n á fẹ́ sá fún un. Òdìkejì ló yẹ kí wọ́n rò: èyí tó ti kó o kọjá ni kì í sábà ya ẹyin mọ́.

(Kòkòrò yìí gbọ́n o. Wọ́n ti rí i nínú ìwádìí pé èkúté tó bá ní in lára kì í bẹ̀rù òórùn ìtọ̀ ológbò mọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí á jẹ́ kó rọrùn fún ológbò láti pa á.)

Ohun kejì ni pé ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ lò tó ọjọ́ 1 sí 5 níta kó tó gbó. Nítorí náà, ìgbẹ́ òní kò léwu bí ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Bákan náà, ológbò máa ń lá ara rẹ̀ mọ́, kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ pẹ́ lára irun rẹ̀ tó fi máa gbó. Ẹ lè fọwọ́ pa á lára, kó jókòó lẹ́sẹ̀ yín, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá ṣáà ti fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ìbéèrè: Bí kì í bá ṣe ara ológbò, ibo ni aboyún ti wá ń kó o?

Ìdáhùn: Láti ẹnu ni. Ẹran tí kò jinná àti yẹ̀pẹ̀ tàbí omi tí ìgbẹ́ ológbò ti dàpọ̀ mọ́ ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aboyún ní ìlú ńlá 6 ní Yúróòpù, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, fi hàn pé ẹran tí kò jinná ló fa nǹkan bí 30 sí 63 nínú àwọn 100 tó kó o, yẹ̀pẹ̀ sì fa 6 sí 17. Gbígbé ilé pẹ̀lú ológbò kò mú kí wọ́n kó o ju àwọn tí kò ní ológbò lọ.

Yúróòpù nìyẹn o, wọ́n fẹ́ràn ẹran tí inú rẹ̀ ṣì pupa. Àwa kì í se ẹran láìjẹ́ pé ó hó dáadáa, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wa sì ń gba inú iná kọjá kó tó dé inú abọ́, ìyẹn sì ń pa kòkòrò náà. Ní tèmi, ohun tí aboyún Òṣogbo ní láti ṣọ́ ni ohun tí a ń jẹ ní tútù. Kábéèjì, àlùbọ́sà àti tòmátì tí wọ́n gé sórí súyà, àti sàláàdì òde ìnáwó, ni mo ń sọ. Bí wọ́n bá gé ẹran ewúrẹ́ tútù lórí pákó kan, tí wọ́n kàn fi omi ṣan ọ̀bẹ náà gé tòmátì sàláàdì, ẹran yẹn ì báà jinná títí kó yọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gba ojú tòmátì wọlé.

Súyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbẹ dáadáa kò ṣe nǹkan. Èyí tó nípọn, tí ẹ bá bu ún jẹ tí omi pupa sun jáde, ẹ dá a padà sórí iná. Ohun tó ń pa kòkòrò inú ẹran ni kí ooru wọ àárín rẹ̀ tó ìwọ̀n 67 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ọbẹ̀ tó ń hó sì kọjá ìyẹn dáadáa. Wàrà ewúrẹ́ tí wọn kò sè náà, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi bímọ.

Ibì kan wà tí a kì í fura sí: òkìtì yanrìn kọ́lé níwájú ilé. Ológbò àdúgbò fẹ́ràn láti máa yàgbẹ́ síbẹ̀ kó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹyin inú rẹ̀ lè wà láàyè nínú yẹ̀pẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè ju ọdún kan lọ. Ẹ̀yin lè má ní ológbò rárá, kí ọmọ yín tó ń ṣeré níbẹ̀ fi ọwọ́ gbé e wọlé. Aboyún tí amọ̀ máa ń wù jẹ náà, kó fi ti òkìtì yẹn àti ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé IgG pọ́sítíìfù, IgM nẹ́gétíìfù. Ọkọ mi rí pọ́sítíìfù yẹn, kò sùn mọ́jú.

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún un kó lọ sùn. IgG ni àmì pé ara yín ti bá kòkòrò náà jà rí, ó sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ títí ayé. IgM ló máa ń kọ́kọ́ jáde nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Bí èyí àkọ́kọ́ bá wà, tí èkejì kò sí, nígbà tí oyún ṣì jẹ́ oṣù mẹ́rin, ohun tó sábà ń túmọ̀ sí ni pé ẹ ti kó o kí oyún tó dé. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í mọ̀ ọ́n lára, tàbí kí wọ́n kàn pè é ní ibà. Obìnrin tí ara rẹ̀ le, tó sì ti kó o ṣáájú oyún, kì í sábà fi ran ọmọ inú rẹ̀. Èyí tí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá ẹ ní kòkòrò éèdì lára, nítorí pé bí ara kò bá lágbára, kòkòrò tó ti sùn lè jí.

Ẹni tí ìbẹ̀rù tọ́ sí ni èyí tó kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oyún. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń dé ara ọmọ ní nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ló ń ṣọṣẹ́ jù: oyún lè wálẹ̀, omi lè kún orí ọmọ, ojú rẹ̀ lè bàjẹ́. Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ó ń dé ara ọmọ ní iye tó ju 60 nínú 100 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan nígbà ìbí, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ ìyọnu lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá gba èsì tí IgM ti jẹ́ pọ́sítíìfù, kó má ṣe sunkún síbẹ̀. IgM lè dúró sínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ó ju ọdún kan lọ. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń wo bí IgG ṣe di kòkòrò náà mú ṣinṣin sí. Bó bá dì í mú gan-an, àrùn náà ti ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, oògùn wà, sipiramáísìnì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún gbé mì ní ibi ìtọ́jú kò lè dípò rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n wá ṣe máa kó ìgbẹ́ rẹ̀? Omi bíliìṣì ni mo máa ń dà síbẹ̀.

Ìdáhùn: Bíliìṣì kò lè pa ẹyin náà, Ísáàlì kò lè pa á. Omi tó ń hó ló ń pa á. Kí ọkọ yín tàbí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa kó o lójoojúmọ́, láìjẹ́ kó di ọjọ́ kejì, kó wà nínú náílọ̀nù tí wọ́n so lẹ́nu, kó bọ́ sínú pàǹtí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bu omi gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú ike yanrìn rẹ̀. Kí wọ́n má gbá a ní gbígbẹ tí eruku á fi gbòde. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa bo àpò ìrẹsì àti ẹ̀wà, kó má baà sọ wọ́n di ibùsùn. Bí omi kànga ni ẹ ń mu, ẹ bo ẹnu kànga, kí ẹ sì se omi náà. Oògùn kílórínì kò tó fún eléyìí. Ewébẹ̀ tí ẹ máa jẹ ní tútù, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lójú-ewé lójú-ewé. Omi iyọ̀ kò pa á, fífọ̀ gan-an ló ń gbá a kúrò.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ti gbà pé kí ológbò dúró. Àwọn ló tún fẹ́ mú ọmọ ológbò kan wá láti Ìkìrun kó máa bá a ṣeré.

Ìdáhùn: Ẹ bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kó dúró sí Ìkìrun títí ẹ ó fi bímọ.