Pé o fi "vous" sí i kò sọ pé wọ́n á ṣiṣẹ́ náà

Okun o, gbogbo ilé. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa tó ń bá àwọn elédè Faransé ṣiṣẹ́ gbà gbọ́, pé tí Faransé ẹni bá ti rọ̀, tó kún fún "il faudrait" àti "on pourrait", ìyẹn ni ọ̀wọ̀, tí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ le díẹ̀, kéèyàn ṣáà ti fi "vous" sí i, ṣebí "vous" náà ni "ẹ" tiwa. Irọ́ ni o. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ títí ó fi kó mi sí wàhálà.

Kábà níbí ni mo wà, àmọ́ èmi ni mò ń pín iṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù fún èèyàn mẹ́rin tó ń tọ́jú kajú ní Pàràkú, ní Bẹ̀nẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, 40 àpò wà nílẹ̀, ọkọ̀ sì máa kó wọn lọ́sàn-án Tọ́sìdeè. Kajú tó bá ṣì tutù nínú àpò máa ń bu ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin rẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé: "Il faudrait vérifier l'humidité des sacs dès que possible." Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn, "Bien reçu", "D'accord", inú mi dùn. Ó di Wẹ́sìdeè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpò kankan.

Wọn ò ṣorí kunkun rárá, èmi ni mi ò yan ẹnì kankan. "Il" inú "il faudrait" kì í ṣe èèyàn, ohun tó ń sọ ò ju "ó yẹ kí wọ́n" lọ, "on" náà sì lè jẹ́ èmi, ìwọ tàbí gbogbo wa. Nílé tiwa, tí Màmá bá ní "ilẹ̀ yìí mà dọ̀tí o", ọmọ tó kéré jù ti mọ̀ pé òun lọ̀rọ̀ ń bá wí, á sì gbé ìgbálẹ̀, àmọ́ nínú grúùpù, ta ni àbúrò ta ni? "Bien reçu" náà ò ju "mo ti rí i" lọ. "Je m'en occupe", ìyẹn "màá bójú tó o", ni ẹni tó gbà á máa sọ, òun ni kẹ́ ẹ máa wá.

Inú wá bí mi, mo kọ ọ́ pé: "Vous devez vérifier les sacs aujourd'hui." Mo rò pé "vous" yẹn ti mú un rọ̀, àmọ́ "vous devez" nínú ìwé tí wọ́n ń kọ síra wọn níbi iṣẹ́ dà bí "ó di dandan fún yín", ọ̀wọ̀ inú "vous" ò tó láti gbé e. Èyí tó tún burú ni pé bí "ẹ" ṣe jẹ́ àgbà kan tàbí èèyàn mẹ́wàá náà ni "vous" ṣe rí, fún ìdí èyí mo ti bú wọn tán, síbẹ̀ mi ò tíì yan ẹnì kankan.

Èyí tó wá ṣiṣẹ́ rèé, ká fi Koffi ṣe orúkọ ẹni náà: "Bonjour Koffi, pouvez-vous mesurer l'humidité des 40 sacs, s'il vous plaît ? J'ai besoin des chiffres jeudi avant 10 h, parce que le camion part l'après-midi. Si l'appareil pose problème, dites-le-moi ce soir." Mo ní kó bá mi wọn ọ̀rinrin 40 àpò náà, kí n rí iye rẹ̀ ní Tọ́sìdeè kó tó di aago mẹ́wàá torí ọkọ̀ máa lọ lọ́sàn-án, kó sì sọ fún mi lálẹ́ yẹn tí ẹ̀rọ bá níṣòro. Orúkọ ló kọ́kọ́ jáde. "Pouvez-vous" jẹ́ ìbéèrè, ó sì fún un láyè láti sọ pé òun ò ráyè. "Mesurer" sọ iṣẹ́ náà gan-an, torí "vérifier" lásán, ìyẹn "yẹ̀ ẹ́ wò", ẹlòmíì á kàn fojú wo àpò á sì ní òun ti vérifier. Mo sọ ìdí, ìdí yẹn ló mú kó má dà bí àṣẹ, torí ọkọ̀ ló ń lé gbogbo wa, kì í ṣe èmi. Ẹ wò ó, "dites-le-moi", àṣẹ ni lóòótọ́, àmọ́ kò gún un lára torí ìbéèrè ló ṣáájú. Ó dáhùn: "Je m'en occupe demain matin." Tọ́sìdeè, kó tó di aago mẹ́wàá, gbogbo iye ti wọlé, àpò mẹ́fà ló ṣì tutù, wọ́n yọ wọ́n sẹ́yìn.

Mo yẹra fún "d'ici jeudi", ìyẹn "títí di Tọ́sìdeè", torí àwọn kan á ka Tọ́sìdeè mọ́ ọn, àwọn kan ò ní kà á. Ẹ tún ṣọ́ra fún "éventuellement". Ó jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "nígbẹ̀yìn", àmọ́ "bóyá, tó bá gba bẹ́ẹ̀" ni nínú Faransé, tẹ́ ẹ bá kọ "vous pourriez éventuellement mesurer", ẹ ti fún un láyè pé kó má ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kó àpò tó ti bu sọ́kọ̀ lójú yín, ẹ má béèrè nǹkankan, ẹ pariwo "Arrêtez !", ìyẹn "Ẹ dúró!", kò sẹ́ni tó máa bínú.