Àdúrà ìdáhùn fún àjọ̀dún ìjọ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Àdúrà ìdáhùn fún àjọ̀dún ìjọ ni àdúrà tí a kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìrántí ìdásílẹ̀ ìjọ: olùdarí ìsìn a máa ka ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìjọ a sì máa fi gbólóhùn kan náà dáhùn. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọn ti 1892, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu fún ìjọ Kristi ní Ìjẹ̀bú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìjọ àgbà níbẹ̀ ti lé ní 100 ọdún.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Nínú Orin Dáfídì 136, ẹsẹ 26 ni gbogbo rẹ̀, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì parí sí "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé." Litani inú Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà náà gba ọ̀nà kan náà.

Ìdáhùn gbọ́dọ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà tí kò mú gíláàsì rẹ̀ wá àti ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà yóò fi mọ̀ ọ́n lórí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni kí olùdarí máa yí ọ̀rọ̀ tó fi ń parí ẹ̀bẹ̀ padà. Apá kan ìjọ á dáhùn, apá kejì á ṣì máa retí. Ẹni tó bá kọ àdúrà lè kà á sókè fún ẹnì kan tí kò rí ìwé náà. Bí onítọ̀hún bá ń dáhùn láìsí pé a juwọ́ sí i nígbà tó bá di ẹ̀bẹ̀ kẹta, ó dára.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí, ọpẹ́ ló ṣáájú:

Olùdarí: Fún àwọn tó kọ́kọ́ gba ìyìn rere nílùú yìí, tí wọn kò sì padà lẹ́yìn Rẹ, a wí pé:
Ìjọ: A dúpẹ́, Olúwa.
Olùdarí: Fún àwọn ìyá tó ru omi àti iyanrìn nígbà tí a ń kọ́ ilé yìí, a wí pé:
Ìjọ: A dúpẹ́, Olúwa.
Olùdarí: Fún àwọn tó ti sùn nínú Rẹ, tí a ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn, a wí pé:
Ìjọ: A dúpẹ́, Olúwa.

Kí ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, olùdarí yóò sọ ìdáhùn tuntun fún ìjọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí ìdáhùn yí padà.

Olùdarí: Bùkún Ọba wa àti ìlú yìí. Olúwa, nínú àánú Rẹ,
Ìjọ: Gbọ́ àdúrà wa.
Olùdarí: Pa àwọn ọmọ wa mọ́ ní Èkó àti ní òkè òkun. Olúwa, nínú àánú Rẹ,
Ìjọ: Gbọ́ àdúrà wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti lọ gba ìṣọ́ra. Ìjọ kan ń gbàdúrà fún òkú, òmíràn kò fọwọ́ sí i. Ọpẹ́ lórí iṣẹ́ wọn kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Bákan náà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni àdúrà ń dárúkọ, kì í ṣe ìdílé wọn, torí pé bí a bá ka orúkọ olùdásílẹ̀ kan tí a fo èkejì, inú àwọn ọmọ rẹ̀ tó tìlú òkèèrè wálé kò ní dùn. Inú ìwé ètò ìsìn ni àkójọ orúkọ ti yẹ, níbi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó tẹ̀ ẹ́.