Ìdílé kan tó dúró fún ọgọ́ta: bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìwọ̀n nínú ìwádìí

Kí a sọ pé àwọn kan fẹ́ mọ iye ìdílé tó ń fi ẹja pípa jẹun ní Epe. Wọn ò lè kan gbogbo ilẹ̀kùn, nítorí náà wọ́n pín ìdílé sí ìhà méjì: àárín ìlú, àti àwọn abúlé etí ọ̀sà. Ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ilé sí fi hàn pé ìdílé 6,000 wà láàárín ìlú, 1,000 sì wà ní etí ọ̀sà. Iye àpẹẹrẹ ni o, kí ẹnikẹ́ni má gbé e dé ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n wá ṣẹ́ kèké mú 100 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pín 200 náà bí iye ìdílé ṣe rí, nǹkan bíi 29 péré ni ìbá ti etí ọ̀sà wá, iye yẹn ò sì tó láti fi sọ ohun tó dájú nípa àwọn ará ibẹ̀.

Àmọ́ gbèsè wà nídìí rẹ̀. Láàárín ìlú, ìdílé 1 nínú 60 ni kèké mú. Ní etí ọ̀sà, 1 nínú 10 ni. Bí wọ́n bá kàn ka ìdáhùn pọ̀ bó ṣe wá, ohùn etí ọ̀sà á ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń san gbèsè yìí ni ìwọ̀n. Wọ́n á mú ìṣeéṣe pé kèké yóò mú ìdílé kan, ìyẹn p, wọ́n á sì fi pín 1:

```
w = 1 / p
```

Ìdílé ìlú kan gba ìwọ̀n 60: ó dúró fún ara rẹ̀ àti fún 59 mìíràn tí kèké kò mú. Ìdílé etí ọ̀sà gba 10. Ní ọdún 1952 ni Horvitz àti Thompson fi ìṣirò hàn pé ọ̀nà yìí kì í tẹ̀ sí apá kan, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ìdílé bá ní àǹfààní tó ju òdo lọ, tí wọ́n sì mọ iye àǹfààní náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń gbé fọ́ọ̀mù kiri ya ilé aládùúgbò nígbà tó bá bá ilẹ̀kùn ní títì. Kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí p ilé aládùúgbò yẹn jẹ́ mọ́.

Ilẹ̀kùn títì gan-an ni ìṣòro kejì. Láàárín ìlú, 80 dáhùn nínú 100. Ní etí ọ̀sà, 50 péré ló dáhùn. Nínú 80 ti ìlú, 8 ló ń pẹja. Nínú 50 ti etí ọ̀sà, 30 ni. Ẹni tó bá kàn ro wọ́n pọ̀ láìlo ìwọ̀n á rí 38 nínú 130, ìyẹn ìdá 29 nínú 100. Ẹni tó bá lo 60 àti 10 nìkan á rí 780 nínú 5,300, ìdá 15 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ wo 5,300 yẹn dáadáa: ìdílé 7,000 ló wà. Àwọn tí kò dáhùn ti gbé ìwọ̀n tiwọn lọ, etí ọ̀sà ló sì pàdánù ìdá tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí àwọn tó dáhùn ru ẹrù àwọn tí kò dáhùn ní ìhà kan náà. Láàárín ìlú, 60 lọ́nà 100/80 di 75. Ní etí ọ̀sà, 10 lọ́nà 100/50 di 20. Àpapọ̀ ìwọ̀n padà sí 7,000, èyí sì ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn ṣe. Àwọn apẹja wá jẹ́ 1,200 nínú 7,000, ìdá 17 nínú 100.

Ọ̀pọ̀ máa ń dúró síbí. Àtúnṣe yìí gbà pé, ní etí ọ̀sà, ẹni tí kò dáhùn jọ ẹni tó dáhùn. Ṣé wọ́n jọra lóòótọ́? Apẹja tó ti wọ ọkọ̀ lọ sójú omi kò sí nílé nígbà tí wọ́n kànkùn. Iṣẹ́ tí ìwádìí fẹ́ kà gan-an ló gbé e kúrò nílé.

Ẹni tó kọ àwọn ilé sínú ìwé níbẹ̀rẹ̀ ló lè yọ àwọn olùwádìí. Kí a sọ pé, bó ṣe ń kọ wọ́n, ó ń sàmì sí ilé tó bá rí ọkọ̀ ojú omi tàbí àwọ̀n níta rẹ̀. Àmì yìí wúlò nítorí pé ó wà fún gbogbo 100, àtẹni tó dáhùn àtẹni tí kò dáhùn. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìkan kò lè ṣe é, torí ẹni tí kò dáhùn kò ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n wá rí i pé ilé 60 ní àmì, 20 sì dáhùn nínú wọn. 40 kò ní, 30 sì dáhùn. Ìwọ̀n àwọn alámì di 10 lọ́nà 60/20, ìyẹn 30. Ti àwọn yòókù di 10 lọ́nà 40/30, ìyẹn 13.33. Nínú 20 alámì, 18 ló ń pẹja. Nínú 30 yòókù, 12. Èyí mú àwọn apẹja etí ọ̀sà dé 700 nínú 1,000 dípò 600, gbogbo Epe sì di 1,300 nínú 7,000, ìdá 18.6 nínú 100. Fọ́ọ̀mù kan kò yí padà, ìṣirò ló yí.

Bí àmì náà bá jẹ́ àwọ̀ ọ̀dà ara ilé ńkọ́? Kò ní yí nǹkan kan padà. Ó gbọ́dọ̀ bá dídáhùn tan, kó sì tún bá ohun tí wọ́n ń wá tan.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ya ilé títì sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ilé òfìfo kì í ṣe ẹni tí kò dáhùn. Kò sẹ́ni tó yẹ kó ru ẹrù rẹ̀. Bí 10 nínú 60 alámì bá jẹ́ ilé òfìfo, 50/20 ni wọ́n á lò, ìwọ̀n á sì jẹ́ 25.

Ìwọ̀n tí kò dọ́gba ní iye tó ń ná èèyàn. Leslie Kish, onímọ̀ ìṣirò ìwádìí, ló fún wa ní òṣùwọ̀n rẹ̀, ìyẹn iye ìdáhùn tí ìwọ̀n wọn dọ́gba tí agbára wọn jẹ́ bákan náà:

```
n_eff = sum(w)^2 / sum(w^2)
```

Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìdílé 130 tó dáhùn kò lágbára ju nǹkan bíi 104 tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lọ. Tí wọ́n bá tún wá pín etí ọ̀sà wẹ́wẹ́, tí ẹni 2 péré dáhùn nínú 30 ní ìpín kan, ìdáhùn ẹnì kan á dúró fún 150 ìdílé. Àsìkò nìyẹn láti da ìpín náà pọ̀ mọ́ èyí tó jọ ọ́.

Síbẹ̀, alámì tó dáhùn lè yàtọ̀ sí alámì tí kò dáhùn, ìwọ̀n kankan ò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fura ni kí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n bá onílé pàdé sílẹ̀, kí wọ́n wá fi ìdáhùn àwọn tí wọ́n bá nígbà àkọ́kọ́ wé ti àwọn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó bá wọn nílé. Bí iye apẹja bá ń ga sí i láti ìgbà kan dé èkejì, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọn ò bá rárá tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí 18.6 sì kéré.