Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lórí fídíò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé mi máa ń já. Nígbà mìíràn àwòrán á dúró gbagidi, ohùn á sì máa gé. Kí ni mo lè ṣe tí iṣẹ́ yìí kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ohùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Ohùn ènìyàn kì í sábà gbà ju nǹkan bí 100 kílóbíìtì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n fídíò tó mọ́ kedere lè gbà tó 600, ó sì lè kọjá 1,200. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára láti gbé ojú yín ṣì lè gbé ọ̀rọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí wọn kò rí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣì lè dáhùn ìbéèrè. Ẹni tí wọn kò gbọ́ kò lè dáhùn ohunkóhun.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí wọ́n dá fún yín, ẹ yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wò. Kì í ṣe bó ṣe yára nìkan ni kí ẹ wò o, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yára kó sì tún máa já. Bó bá jẹ́ Windows ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
ping -n 100 8.8.8.8
```

Kọ̀ǹpútà á rán nǹkan kékeré jáde nígbà ọgọ́rùn-ún, á sì máa ka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó padà dé. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn `time=`. Bí ó bá ń wà lábẹ́ 150, tí `Lost` nísàlẹ̀ sì jẹ́ 0 tàbí 1, ọkàn yín lè balẹ̀. Bó bá jẹ́ 60, 70, kó tó fò lọ sí 900 lójijì, ohun tó ń gé ohùn yín nìyẹn. Bí `Lost` bá ti tó 5, ẹ má gbójú lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn fún ọjọ́ náà àfi bí ẹ bá rí ohun tó ń fà á.

Ó sì ṣeé rí lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi obìnrin kan ṣe ìdánwò yìí, `Lost` jẹ́ 6, nọ́ńbà mìíràn sì kọjá 1,000. Òun ń gbọ́ àwọn èèyàn dáadáa, àmọ́ àwọn kì í gbọ́ ọ. Bó bá ti rí báyìí, ọ̀nà tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ yín ló dí, kì í ṣe èyí tó ń wọlé. A wá a títí a fi rí i pé fóònù kan tó wà nínú pálọ̀ ni: gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ ló ń rán lọ síbi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà ìjáde máa ń tóóró ju ọ̀nà ìwọlé lọ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí fọ́tò bá ti kún un, ohùn á tò sẹ́yìn wọn. A yọ fóònù náà kúrò lórí Wáì-fáì, a fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, `Lost` sì di 0.

Síbẹ̀, ẹ ní ọ̀nà kejì. Ẹ lo fóònù tó kún fún iná, tí síìmù inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín. Ẹ ti so kọ̀ǹpútà mọ́ họ́tísípọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ọkàn ń já ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ aṣínà. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí iná bá lọ, ráútà á kú, ṣùgbọ́n fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì. Ẹ tún wo lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín, torí nọ́ńbà fóònù tí ènìyàn lè pè kó fi ohùn nìkan wọlé lè wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ìpàdé àti ti ẹni tó pè yín. Ohun tó wà nínú ímeèlì kò wúlò nígbà tí ímeèlì kò ṣí.

Ìbéèrè: Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?

Ìdáhùn: Ó kàn án, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀. Nínú òkùnkùn, àwòrán kámẹ́rà á kún fún àmì wínníwínní tó ń yí padà láìdúró. Ohun tó bá ń yí padà ló ṣòro láti fún pọ̀ kéré, nítorí náà fídíò náà á béèrè dátà púpọ̀ sí i tàbí kí ojú yín di bátabàta. Kámẹ́rà mìíràn á tiẹ̀ máa lọ́ra kó lè rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ gbà. Ẹ kọjú sí fèrèsé tàbí iná, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ sì jókòó síwájú ògiri lásán tí nǹkan kan kì í mì níbẹ̀.

Ní ti ohùn, íyápíìsì oníwáyà ni mo fara mọ́ jù. Ohùn wọn kò ní ti ara ẹ̀rọ yín jáde padà sínú gbohùngbohùn, kò sì ní bátìrì tí yóò kú. Yàrá tó ní kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì sàn ju yàrá òfìfo tó ń dún padà lọ.

Ìbéèrè: Bí ó bá wá já ní àárín ọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ti sọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: "Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi bá já, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì, màá padà wọlé." Èyí ni kì í jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ dà bí ẹni pé ẹ sá lọ.

Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé, ẹ pa kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi pa á. Bí kò bá dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ bọ́ sórí họ́tísípọ́ọ̀tì. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ pe nọ́ńbà orí ìwé. Tí ẹ bá fi fóònù wọlé nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà nínú ìpàdé, ẹ pa ohùn kọ̀ǹpútà, àti ti gbohùngbohùn àti ti sípíkà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo híhan gooro ni gbogbo yín máa gbọ́.

Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ má tọrọ àforíjì gígùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má tún ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gbọ́ yín dé. Ọ̀rọ̀ tún máa ń pẹ́ lọ́nà, nítorí náà ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó fèsì, kí ẹ má bàa máa já lu ara yín.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àbúrò mi já lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tirẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìmúrasílẹ̀, nígbà tó ń sọ nípa iṣẹ́ kan tó ṣe. Ó bọ́ sórí họ́tísípọ́ọ̀tì, ó pa kámẹ́rà, ó ní: "Mo ti padà dé. Mo ń ṣàlàyé ohun tí a ṣe nígbà tí oníbàárà náà bínú, ṣé ẹ gbọ́ apá àkọ́kọ́?" Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ, ó sì bá apá kejì lọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ló tún tan kámẹ́rà kí ó lè kí wọn pé ó dàbọ̀.