Fíúsì kan jó lápá 11 kV: iye iná tí mọ́tò féèsì mẹ́ta ń fà lẹ́yìn tiransifọ́mà dẹ́lítà-sítá

Bí mọ́tò féèsì mẹ́ta bá pàdánù féèsì kan nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná máa ń retí ni pé wáyà kan á ṣófo pátápátá, tí àwọn méjì tó kù á sì máa gbé iná tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí fíúsì tó jó bá wà láàárín tiransifọ́mà àti mọ́tò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n bí fíúsì tó jó bá wà lórí òpó, ní apá 11 kV tí iná ti ń wọ inú tiransifọ́mà, tí tiransifọ́mà náà sì jẹ́ dẹ́lítà lápá òkè àti sítá lápá ìsàlẹ̀, kò sí wáyà kankan lára mọ́tò tí yóò ṣófo. Wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò máa gbé iná, ọ̀kan nínú wọn yóò sì máa gbé ìlọ́po méjì èyí tí ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù ń gbé. Ẹni tó bá ń wá òdo lórí mítà rẹ̀ kò ní í rí i, á sì rò pé ara mọ́tò ni ìṣòro wà.

Tiransifọ́mà tó wọ́pọ̀ jù ládùúgbò wa, èyí tó ń sọ 11 kV di 415 fóltì, irú tí wọ́n ń kọ Dyn11 sí lára ni. Nínú irú èyí, kọ́ìlì mẹ́ta ló wà lápá òkè, a sì so ìkọ̀ọ̀kan wọn mọ́ àárín wáyà méjì: ọ̀kan láàárín pupa àti yẹ́lò, èkejì láàárín yẹ́lò àti búlúù, ẹ̀kẹta láàárín búlúù àti pupa. Kọ́ìlì mẹ́ta mìíràn wà lápá ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bá kọ́ìlì kan lápá òkè gbé pọ̀ lórí irin kan náà. Kọ́ìlì pupa ìsàlẹ̀ ń bá èyí tó wà láàárín pupa àti yẹ́lò lọ, yẹ́lò ìsàlẹ̀ ń bá èyí tó wà láàárín yẹ́lò àti búlúù lọ, búlúù ìsàlẹ̀ sì ń bá ẹ̀kẹta lọ. Ìkọ̀ọ̀kan àwọn ti ìsàlẹ̀ máa ń fún wa ní 240 fóltì sí niútrà nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé fíúsì pupa jó lápá òkè. Kọ́ìlì tó wà láàárín yẹ́lò àti búlúù kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí wáyà méjèèjì tó ń fún un níná ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kọ́ìlì méjì yòókù ni ọ̀rọ̀ náà kàn: ojú ibi tí wọ́n ti pàdé kò ní iná tó ń bọ̀ láti ìta mọ́, wọ́n sì wá di ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì láàárín yẹ́lò àti búlúù kan náà. Bí nǹkan kan kò bá tì wọ́n sápá kan, wọn á pín fóltéèjì náà sí méjì dọ́gbadọ́gba, ojú tí wọn ń kọ sí yóò sì yàtọ̀ sí ti kọ́ìlì tó pé. Lápá ìsàlẹ̀, yẹ́lò ṣì wà ní 240, pupa àti búlúù sì bọ́ sí nǹkan bí 120. Bí a bá fi mítà wọn wáyà sí wáyà, pupa sí yẹ́lò á fún wa ní 360, yẹ́lò sí búlúù á fún wa ní 360, pupa sí búlúù kò sì ní í fún wa ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú ilé tó wà lórí féèsì méjì, tí ti aládùúgbò tó wà lórí ẹ̀kẹta sì ń tàn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe.

Kí ni mọ́tò yóò wá fà? Òfin méjì péré ló tó láti fi dáhùn. Èkíní ni pé mọ́tò kò lo niútrà, nítorí náà iná tó bá gba wáyà kan wọlé gbọ́dọ̀ gba àwọn yòókù jáde. Èkejì ni pé, níwọ̀n ìgbà tí fíúsì pupa ti jó lókè, iná tó bá gba kọ́ìlì kan kọjá lára àwọn méjì tó wà lẹ́sẹ̀ ara wọn gbọ́dọ̀ gba èkejì kọjá pẹ̀lú iye kan náà. Kọ́ìlì méjì yìí ni ti pupa àti ti búlúù lápá ìsàlẹ̀, nítorí náà pupa àti búlúù mọ́tò gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà, yẹ́lò sì gbọ́dọ̀ gbé àpapọ̀ méjèèjì. Ibí ni ìlọ́po méjì náà ti wá.

Iye rẹ̀ gan-an la ó fi agbára wá. Ká mú mọ́tò 15 kW, 415 fóltì, tó ń fa 28 áńpù lórí wáyà kọ̀ọ̀kan nígbà tó ru ẹrù rẹ̀ tán. Bí ẹrù náà kò bá yí padà, agbára tó ń wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn 240 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú 28. Lẹ́yìn tí fíúsì jó, yẹ́lò ń mú ìlọ́po méjì wọlé lórí 240, pupa àti búlúù sì ń mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọlé lórí fóltéèjì tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240 nìkan. Bí a bá ro ó pọ̀, 240 lọ́nà mẹ́ta náà ló tún jẹ́, nítorí náà ẹyọ kan dọ́gba pẹ̀lú 28. Pupa á fà 28, búlúù á fà 28, yẹ́lò á sì fà 56. Ẹ kíyèsí i pé ìṣirò yìí kò béèrè pé kí pupa àti búlúù pín 240 náà dọ́gba, àpapọ̀ wọn nìkan ló ṣe kókó.

Orí ìwé nìyẹn. Lójú iṣẹ́, mọ́tò tí féèsì rẹ̀ kò pé máa ń dín eré kù díẹ̀, ó sì máa ń fi iná ṣòfò sí i, nítorí náà iye náà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà nípa fíúsì ní Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ ni 115, 115 àti 230 nínú ọgọ́rùn-ún iye àtẹ̀yìnwá. Fún mọ́tò wa, ìyẹn á jẹ́ nǹkan bí 32, 32 àti 64 áńpù. Ẹ fi wé ọ̀ràn kejì, níbi tí fíúsì ti jó lápá 415 fóltì: òdo, 48 àti 48 lórí ìwé.

Ewu tó wà níbẹ̀ fara hàn bí ẹ bá wo ẹni tó gbé kíláńpù mítà dé ìdí pánẹ́ẹ̀lì. Ó fi gbá wáyà pupa mú, ó rí 32, ó wo pátákó ara mọ́tò, ó rí 28, ó ní ẹrù ló wúwo díẹ̀. Bí ó bá tún wọn búlúù, 32 náà ni. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀ láìfọwọ́ kan yẹ́lò, ó ti fi mọ́tò sílẹ̀ láti jóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ofalóòdù tó ń ṣọ́ wáyà méjì péré. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, títí òfin iná wọn fi béèrè ní 1971 pé kí mẹ́ta wà fún mọ́tò féèsì mẹ́ta. Lójú tèmi, kò sí ìdí kankan tí a ó fi máa lo irú àtijọ́ náà lónìí.

Àwọn fíúsì méjì tó ṣẹ́kù lókè kò sì lè gbani. Nígbà tí gbogbo nǹkan pé, mọ́tò wa kò fà ju nǹkan bí áńpù kan lọ lórí wáyà 11 kV. Nígbà tí fíúsì kan jó, ó ń fa nǹkan bí 1.8 lórí wáyà méjì tó kù. Fíúsì tí wọ́n yàn fún tiransifọ́mà 500 kVA, tó ń gbé nǹkan bí 26 áńpù bó bá ru ẹrù rẹ̀ tán, kò lè mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbára lé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fóltéèjì. Èyí dára kí mọ́tò tó dìde, nítorí pupa sí búlúù á fi òdo hàn án, kò sì ní í jẹ́ kí kọntákítọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń yí lọ́wọ́ máa ń pèsè fóltéèjì tirẹ̀ sórí àwọn wáyà. Bí òun bá jẹ́ ẹrù tó tóbi jù lórí tiransifọ́mà náà, ó lè gbé 120 wọ̀nyẹn sókè títí tí mítà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Iye iná ni kò lè purọ́ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú 28, 28 àti 56, ìpíndọ́gba jẹ́ nǹkan bí 37, wáyà tó jìnnà sí i jù sì fi ìdajì rẹ̀ jìnnà sí i. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àìdọ́gba iná láàárín wáyà mẹ́ta kò ní í fojú fo irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ló ṣòro jù láti dáàbò bò. Bí mọ́tò wa bá ń fa 14 péré tẹ́lẹ̀, yẹ́lò á wá di 28 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ibi tí a yí ofalóòdù sí gan-an, ó sì lè pẹ́ kó tó já, tàbí kó má já rárá. Síbẹ̀ rótọ̀ ń gbóná nínú, nítorí àìdọ́gba náà ti bí pápá òòfà kejì tó ń yí sẹ́yìn, tó sì ń ti iná tó súnmọ́ 100 Hz sínú àwọn ọ̀pá rótọ̀.

Bí mọ́tò náà bá dúró, kò ní í dìde mọ́. Pápá tó ń yí síwájú àti èyí tó ń yí sẹ́yìn á dọ́gba, agbára ìyípo á di òdo, mọ́tò á kàn máa kùn ni. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń fa ìlọ́po mẹ́fà nígbà ìbẹ̀rẹ̀, yẹ́lò á gbé 168 áńpù, pupa àti búlúù á gbé 84. Ẹni tó bá ń tẹ bọ́tìnnì sítáàtì léraléra níbẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun kọ́ìlì.

Gbogbo iye wọ̀nyí dá lórí pé mọ́tò náà nìkan ló wà lórí tiransifọ́mà. Bí ilé púpọ̀ bá wà níbẹ̀, tí ẹrù pupa àti ti búlúù kò sì dọ́gba, ìpín mọ́tò á yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí ẹyọ, ẹyọ àti méjì.

Lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti jóná, àwọn tó ń rìwáyà ló kù tó lè sọ ibi tí fíúsì ti jó, bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe so kọ́ìlì inú rẹ̀. Bí a bá so ó ní sítá, wáyà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, nítorí náà fíúsì òkè máa ń jó ọ̀wọ́ kọ́ìlì kan dúdú, nígbà tí fíúsì ìsàlẹ̀ ń jó méjì. Bí ó bá jẹ́ dẹ́lítà, bí ọ̀pọ̀ mọ́tò 15 kW ṣe rí, òdìkejì ni. Fíúsì òkè á ti 1.73 iye àtẹ̀yìnwá gba ọ̀wọ́ méjì kọjá, ẹ̀kẹta kò ní í gbé nǹkan kan, ó sì lè mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n we é. Fíúsì ìsàlẹ̀ á ti ìlọ́po méjì gba ọ̀wọ́ kan ṣoṣo kọjá. Kí a tó gé kọ́ìlì náà dànù, ó yẹ kí a ka iye ọ̀wọ́ tó dúdú, kí a sì wo bí a ṣe so wọ́n. Bí àmì náà bá tọ́ka sí òkè, ibi tó kàn ni orí òpó, kì í ṣe inú pánẹ́ẹ̀lì.