Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò pé, ó sì ṣi èsì túmọ̀

Bí mo bá ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá sìtátísíìkì, gbólóhùn tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn ṣe ìṣirò báyìí. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tí èsì wí ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú.

Ẹ wo ìbéèrè yìí. Iléeṣẹ́ kan ní omi inú ọ̀rá òun jẹ́ 500 mílílítà. Wọ́n wọn ọ̀rá 25, àròpín wọn jẹ́ 496, ìwọ̀n tí ọ̀rá fi ń yàtọ̀ síra sì jẹ́ 12. H0, ìyẹn àbá tí a ń dán wò, ni pé àròpín gbogbo ọ̀rá iléeṣẹ́ náà jẹ́ 500 lóòótọ́. H1, àbá tó takò ó, ni pé kì í ṣe 500. Ààlà ìpinnu jẹ́ 0.05: láti ara t ni a ti ń rí p, bí p bá sì kéré sí 0.05, a ó kọ H0 sílẹ̀.

```
t = (496 - 500) / (12 / √25) = -1.67
p = 0.109
```

Ìṣirò pé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ nìyí: “p ju 0.05 lọ, nítorí náà a gba H0, omi náà pé 500. Ìdá 10.9 nínú 100 ló ṣeé ṣe kí H0 jẹ́ òótọ́.” Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn kejì ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ta ni yóò gba ohun tó gbà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé irọ́ ni?

Ká tó rí p rárá, a ti kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni H0. Bó bá jẹ́ 500 ni lóòótọ́, tí a sì ń wọn ọ̀rá 25 lọ́tun lọ́tun, nǹkan bí ìgbà 11 nínú 100 ni a ó rí èsì tó jìnnà tó èyí tàbí jù ú lọ, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ohun tí p sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò lè padà wá sọ bí H0 fúnra rẹ̀ ṣe ṣeé ṣe tó. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sìtátísíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ síta ní 2016 pé p kì í ṣe ìwọ̀n bóyá àbá jẹ́ òótọ́.

“A gba H0” ńkọ́? Ẹ fi 493 rọ́pò 500, kí ẹ tún un ṣe: t yóò jẹ́ 1.25, p yóò sì ju 0.05 lọ, nítorí náà ìdánwò kò ní kọ ìyẹn náà sílẹ̀. A kò sì lè gba méjèèjì. Èyí tí mo ń fún ní máàkì ni: “Ẹ̀rí inú ọ̀rá 25 yìí kò tó láti sọ pé àròpín omi yàtọ̀ sí 500 mílílítà.”

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan tún wà tí wọ́n máa ń rí 0.109 tán kí wọ́n tó yí H1 padà sí “ó kéré sí 500”, kí p lè dín sí ìdajì. Ìbéèrè ni mo fi ń mú wọn: bí kò bá béèrè bóyá omi dín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la ó wò. Bó bá sì béèrè bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, p jẹ́ 0.054, ìpinnu kò yí padà.